Ibi Tí Kọ̀ǹpútà Fi Ọ̀rọ̀ Aṣínà Wáìfáì Pamọ́ Sí

Ọ̀kan nínú àwọn ìbéèrè tí àwọn òbí sábà máa ń gbé wá bá àwa tí a ń tọ́jú yàrá kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́ yìí ni ti ọ̀rọ̀ aṣínà wáìfáì ilé wọn, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní pásíwọ́ọ̀dù. Kọ̀ǹpútà alágbèéká bàbá ti ń lo wáìfáì náà láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó rántí ohun tí wọ́n tẹ̀ sí i ní ọjọ́ àkọ́kọ́, fóònù tuntun kò sì rí ọ̀nà wọlé. Bí kọ̀ǹpútà náà bá jẹ́ oní-Wíńdóòsì, ọ̀rọ̀ aṣínà náà wà nínú rẹ̀, a sì lè kà á jáde.

Ní gbogbo ìgbà tí a bá tan ráútà, kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ fi hàn án lọ́tun pé òun mọ ọ̀rọ̀ aṣínà. Kí Wíńdóòsì má baà máa yọ olówó rẹ̀ lẹ́nu lójoojúmọ́, ó ń ṣí ojú-ewé kékeré kan fún wáìfáì kọ̀ọ̀kan tí a bá ti lò rí, ó sì ń fi orúkọ wáìfáì àti ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ síbẹ̀. Ó ń fi àrokò bo ọ̀rọ̀ náà, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá kàn ṣí ojú-ewé yìí wò kò ní rí nǹkan kan kà. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ní àṣẹ lórí kọ̀ǹpútà náà bá béèrè, Wíńdóòsì fúnra rẹ̀ yóò tú àrokò náà.

Ẹ jẹ́ kí a fi ilé kan ní Dọ́pẹmú, nítòsí afárá, ṣe àpẹẹrẹ. Akọ́bí ilé náà ló yí ọ̀rọ̀ aṣínà ráútà padà kí ó tó lọ sí yunifásítì ní Ìlọrin, nọ́ńbà rẹ̀ kò sì wọlé ní alẹ́ yìí. Àbúrò rẹ̀ tó wà ní kíláàsì tó kẹ́yìn fẹ́ fi fóònù gba ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ rẹ̀ ń ṣe lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí ìdánwò tó dé. Wọ́n yí ráútà dojúbolẹ̀, wọ́n tẹ ohun tí wọ́n rí lára bébà ìsàlẹ̀ rẹ̀, kò ṣiṣẹ́: èyí tó wà níbẹ̀ ni èyí tó ti ilé-iṣẹ́ wá, kì í ṣe èyí tí akọ́bí fi rọ́pò rẹ̀. Ìyá wọn wá mú abẹ́rẹ́, ó fẹ́ fi tẹ ihò kékeré tó wà lẹ́yìn ráútà.

Abẹ́rẹ́ yẹn ni a fẹ́ kí ẹ dá dúró. Ihò náà yóò dá ráútà padà sí bí ó ti rí ní ọjọ́ tí ó jáde láti ilé-iṣẹ́. Gbogbo fóònù, tẹlifíṣọ̀n àti kọ̀ǹpútà inú ilé yóò já kúrò, a ó sì ní láti so wọ́n padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá wá jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ tó gbé íńtánẹ́ẹ̀tì wá ti tẹ orúkọ àti àṣírí tirẹ̀ sínú ráútà, ìyẹn náà yóò lọ, ilé yóò sì wà láìsí íńtánẹ́ẹ̀tì títí di ìgbà tí wọ́n bá rán ẹnì kan wá.

Kọ̀ǹpútà bàbá ni kí wọ́n ṣí. Kí wọ́n tẹ bọ́tìnnì tó ní àmì fèrèsé, kí wọ́n kọ `cmd`, kí wọ́n fi bọ́tìnnì apá ọ̀tún máòsì tẹ `Command Prompt` tó bá yọ, kí wọ́n sì yan `Run as administrator`. Kọ̀ǹpútà yóò béèrè bóyá a gbà. `Yes` ni ìdáhùn. Ẹ má ṣe fo yíyàn yìí, nítorí òun ni ó ń sọ fún Wíńdóòsì pé ẹni tó ní àṣẹ ló ń béèrè. Ojú dúdú kan yóò ṣí, ibẹ̀ ni a ó kọ èyí sí:

```
netsh wlan show profiles
```

Orúkọ gbogbo wáìfáì tí kọ̀ǹpútà náà rántí yóò tò sílẹ̀. Ó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu: ti ọ́fíìsì àtijọ́ wà níbẹ̀, ti ilé àna wà níbẹ̀. Ká ní `Ile Dopemu` ni orúkọ ti inú ilé yìí. Wọn yóò kọ ọ́ gẹ́lẹ́ bí ó ti wà, pẹ̀lú àmì àyọlò méjèèjì, nítorí àlàfo tó wà láàrin ọ̀rọ̀ méjì náà:

```
netsh wlan show profile name="Ile Dopemu" key=clear
```

Ohun púpọ̀ ni yóò jáde. Abẹ́ `Security settings` nìkan ni kí wọ́n wò:

```
Security key    : Present
Key Content     : 0pe1Oluwa
```

Ohun tó wà níwájú `Key Content` ni ọ̀rọ̀ aṣínà. Bí `Present` bá wà ṣùgbọ́n tí ìlà kejì kò sí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n fo `Run as administrator`; kí wọ́n pa ojú dúdú náà dé, kí wọ́n tún un ṣí bí ó ti yẹ.

Ìgbà tí a bá ń dà á kọ sí fóònù ni àṣìṣe pọ̀ jù. Nínú àpẹẹrẹ wa, òdo ló ṣíwájú, kì í ṣe lẹ́tà. Lẹ́yìn `e`, ení ni, kì í ṣe `l`. `O` ńlá tó tẹ̀lé e sì jẹ́ lẹ́tà. Bí ó bá rú yín lójú, ẹ fi wé òdo àti lẹ́tà inú ọ̀rọ̀ mìíràn lójú kan náà. Lẹ́tà ńlá àti kékeré kì í ṣe ohun kan náà fún ráútà.

Ẹni tí ojú dúdú bá ń bà lẹ́rù, tí Wíńdóòsì rẹ̀ sì jẹ́ ti 11, lè gba inú `Settings` lọ sí `Network & internet`, `Wi-Fi`, `Manage known networks`, kí ó tẹ orúkọ wáìfáì náà, kí ó sì wá `View Wi-Fi security key`. Àwa fẹ́ràn ojú dúdú, nítorí pé bákan náà ló rí lórí Wíńdóòsì 10 àti 11. Ó sì ń ṣiṣẹ́ bí iná bá lọ tí ráútà kú, níwọ̀n ìgbà tí bátìrì kọ̀ǹpútà bá ṣì wà.

Àwọn ibìkan wà tí ọ̀nà yìí kò dé. Ní àwọn ọ́fíìsì àti yunifásítì kan, oníkálukú ló ń fi orúkọ àti àṣírí ara rẹ̀ wọlé; ẹ ó rí `Enterprise` níwájú `Authentication`, kò sì ní sí ọ̀rọ̀ kan tí gbogbo ènìyàn jọ ń lò láti kà. Ní hòtẹ́ẹ̀lì tí ó ń ṣí ojú-ewé tí a ti ń tẹ nọ́ńbà yàrá, `Absent` ni ẹ ó sábà rí, nítorí wáìfáì náà fúnra rẹ̀ kò ní ìlẹ̀kùn. Orí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tí àṣẹ rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ yín, àṣírí ọ̀gá kọ̀ǹpútà ni yóò béèrè, ibẹ̀ ni ẹ ó sì dúró sí.

Ohun tó ṣiṣẹ́ fún ìyá yìí yóò ṣiṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni tí kọ̀ǹpútà náà bá bọ́ sí lọ́wọ́ pẹ̀lú àṣẹ. Èyí kan ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde tí ẹ ń fi kọ̀ǹpútà tí ẹ ti lò ta ilé-ẹ̀kọ́ lọ́rẹ, àti ẹni tó ń gbé tirẹ̀ lọ tà ní Ìkẹjà. Kí kọ̀ǹpútà tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ ṣí ojú dúdú bí ti ìṣáájú, kí ẹ sì kọ:

```
netsh wlan delete profile name="Ile Dopemu"
```

Bí ẹ bá fi `name=*` rọ́pò orúkọ náà, gbogbo wọn ni yóò lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ tún béèrè ìtòsílẹ̀ àkọ́kọ́ láti rí i pé orúkọ náà ti kúrò. Bí kọ̀ǹpútà náà bá ti lọ kí ẹ tó ka èyí, inú ráútà ni àtúnṣe wà: ẹ yí ọ̀rọ̀ aṣínà padà níbẹ̀, èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà tó ti lọ kò ní ṣí ìlẹ̀kùn yín mọ́.