Ọmọkùnrin Tó Rí Owó He

Àwọn tó ń kọ ìtàn fún àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn ìtàn ọmọkùnrin tó rí owó he. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í gùn: ọmọ rí owó, ó dá a padà, wọ́n fún un lẹ́bùn, ìtàn parí. Ọmọ ọdún 14 tó bá ń kà á yóò ti mọ ibi tó ń lọ kó tó dé ìdajì, nítorí òǹkọ̀wé ti fo ibi tó le jù, ìyẹn àkókò tí owó wà lọ́wọ́ ọmọ náà, tí ẹnikẹ́ni kò sì tíì wá béèrè rẹ̀. Ohun kan ṣẹlẹ̀ ní Làìbéríà lọ́dún 2021 tó yẹ kí irú òǹkọ̀wé bẹ́ẹ̀ fi kọ́gbọ́n.

Emmanuel Tuloe lorúkọ ọmọkùnrin náà, kò sì tíì pé ọmọ ogún ọdún nígbà yẹn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí omi gbé bàbá rẹ̀ lọ. Ó fi ilé ìwé sílẹ̀, ó lọ ń gbé lọ́dọ̀ obìnrin kan nínú ẹbí wọn, nígbà tó sì dàgbà díẹ̀ sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gun ọ̀kadà. Lọ́jọ́ kan, ó rí ọ̀rá kan lẹ́bàá ọ̀nà. Owó ló wà nínú rẹ̀, owó dọ́là Amẹ́ríkà àti ti Làìbéríà. Àpapọ̀ rẹ̀ tó nǹkan bí 50,000 dọ́là Amẹ́ríkà.

Emmanuel gbé owó náà lọ sílé, ó ní kí obìnrin tó ń tọ́ ọ bá òun fi pa mọ́. Nígbà tó yá, obìnrin oníṣòwò kan bọ́ sórí rédíò, ó ń bẹ ẹni tó bá rí owó òun pé kó ṣàánú òun. Emmanuel jáde, ó dá a padà.

Ẹ wò ó dáadáa, ìpinnu méjì ló wà níbẹ̀. Nígbà tó ṣe àkọ́kọ́, kò mọ olówó, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ lowó wà. Síbẹ̀, ó fà á lé àgbà lọ́wọ́, kò dá nìkan jókòó ti irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Ìkejì dé lẹ́yìn ìkéde orí rédíò, nígbà tí olówó ti ní ohùn, tó sì ti ní ìṣòro tirẹ̀. Àwọn àgbà wa ti béèrè pé ẹni tó rí nǹkan he tó fẹ́ kú lé e lórí, ẹni tó sọ ọ́ nù ńkọ́? Ìtàn tí a kò ti rí ẹni tó sọ owó nù, ìdajì ìtàn ni.

Òfin pàápàá ya ìgbà méjèèjì sọ́tọ̀. Ní Nàìjíríà, abala 383 nínú òfin ìwà ọ̀daràn tí wọ́n ń lò ní gúúsù sọ pé ẹni tó rí ohun tó sọ nù, tó sì sọ ọ́ di tirẹ̀, kò jalè tí kò bá mọ olóhun, tó sì ní ìdí gidi láti gbà pé a kò lè rí i. Ìkéde rédíò kan ṣoṣo tó láti gba àwáwí yẹn lọ́wọ́ ẹni tó gbọ́ ọ. Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ níbí, tí ọmọ náà gbọ́ orúkọ olówó, tó sì dákẹ́, owó tó rí he ti ń di owó tó jí.

Òǹkọ̀wé tún lè mú ẹlòmíràn wọlé: ẹni tó parọ́ pé òun ló ni owó. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹni tó rí owó kéde iye rẹ̀ tàbí irú ọ̀rá tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ní òun ni olówó ni kó sọ ìwọ̀nyẹn fúnra rẹ̀.

Nígbà tí Emmanuel dá owó padà, àwọn kan fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé inú òṣì ni yóò kú sí. Kí òǹkọ̀wé má yọ èyí kúrò, nítorí kò sí ọ̀dọ́ tí kò mọ bí yẹ̀yẹ́ ẹgbẹ́ ṣe ń dunni. Lóòótọ́, ẹ̀bùn dé lẹ́yìn náà: Ààrẹ George Weah fún un ní 10,000 dọ́là, ó sì rí àyè ní Ricks Institute, ilé ìwé ńlá kan nítòsí Monrovia. Àmọ́ kíláàsì kẹfà ló ti bẹ̀rẹ̀, láàárín àwọn ọmọ tó fi bí ọdún mẹ́fà jù lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin tó ń kọ irú ìtàn yìí, ẹ má fi ẹ̀bùn ṣe ìdí tí ọmọ fi ṣe rere. Nígbà tí Emmanuel gbé ọ̀rá yẹn lé àgbà lọ́wọ́, ẹnikẹ́ni kò tíì ṣèlérí kọ́bọ̀ fún un.