Asẹ́ Ìmọ́lẹ̀, Àwo Kírísítà àti Ìṣirò Jones

Bí a bá gbé asẹ́ pólárọ́ìdì kan síwájú ìmọ́lẹ̀, tí a gbé òmíràn tẹ̀lé e, tí a sì yí ìkejì títí ìlà rẹ̀ fi dábùú ti àkọ́kọ́, òkùnkùn ni yóò kù lẹ́yìn wọn. Ṣùgbọ́n bí a bá ki asẹ́ kẹta sáàárín àwọn méjèèjì, tí ìlà rẹ̀ dà gẹ̀rẹ́ ní dígírì 45, ìmọ́lẹ̀ yóò tún yọ. Iṣẹ́ asẹ́ ni láti dí ìmọ́lẹ̀ lọ́nà. Báwo wá ni asẹ́ kan sí i ṣe lè mú kí ilẹ̀ mọ́?

Ní ọdún 1941, Robert Clark Jones, onímọ̀ físíìsì ará Amẹ́ríkà, gbé ọ̀nà ìṣirò kan jáde tó ń fi ìlọ́po àti ìròpọ̀ dáhùn irú ìbéèrè yìí. Òun náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì tó ti ń sún mọ́ òpin ẹ̀kọ́ wọn ní yunifásítì ṣì ń kọ́ títí dòní.

Ìgbì ni ìmọ́lẹ̀, mímì rẹ̀ sì máa ń dábùú ọ̀nà tó ń gbà lọ. Ó lè máa mì ní ìbú, ó lè máa mì ní òòró, ó sì lè dà gẹ̀rẹ́ láàárín méjèèjì. Jones pín mímì yòówù sí apá méjì: x ni ti ìbú, y ni ti òòró. Ìmọ́lẹ̀ tó ń mì ní ìbú nìkan jẹ́ (1, 0). Ti òòró nìkan jẹ́ (0, 1). Bí a bá fẹ́ mọ bí ìmọ́lẹ̀ náà ṣe mọ́lẹ̀ tó, a ó sọ títóbi apá kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po ara rẹ̀, a ó sì ro méjèèjì pọ̀.

Ohun èlò kọ̀ọ̀kan tí ìmọ́lẹ̀ bá gbà kọjá ní nọ́ńbà mẹ́rin tirẹ̀, tí a tò sínú àpótí tí wọ́n ń pè ní mátíríìsì. Ìlà òkè àpótí náà ló ń pinnu x tuntun, ìlà ìsàlẹ̀ ló ń pinnu y tuntun. Asẹ́ ìbú, asẹ́ òòró àti asẹ́ dígírì 45 nìyí, léraléra:

```
[ 1  0 ]    [ 0  0 ]        [ 1  1 ]
[ 0  0 ]    [ 0  1 ]    1/2 [ 1  1 ]
```

Ìmọ́lẹ̀ tó gba asẹ́ ìbú kọjá ti di (1, 0). Tó bá kan asẹ́ òòró tààrà, ó di (0, 0), òkùnkùn nìyẹn. Ṣùgbọ́n tí asẹ́ dígírì 45 bá kọ́kọ́ gbà á, (1, 0) yóò di (1/2, 1/2): apá òòró tí kò sí tẹ́lẹ̀ ti yọjú. Asẹ́ òòró yóò wá pa apá x rẹ́, yóò ku (0, 1/2), ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ìdámẹ́rin ti ìbẹ̀rẹ̀. Asẹ́ àárín náà ti jẹ nínú ìmọ́lẹ̀ o. Ohun tó ṣe ni pé ó dárí èyí tó kù sí ọ̀nà mìíràn.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń ṣìnà. Mátíríìsì ohun tí ìmọ́lẹ̀ kọ́kọ́ bá pàdé ni a ń kọ sí ọwọ́ ọ̀tún pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìmọ́lẹ̀ náà, tí àwọn tó kù á sì máa tò lọ sí òsì. Ẹni tó bá kọ wọ́n bó ṣe rí wọn lórí tábìlì yóò gba ìdáhùn mìíràn. Ìyàtọ̀ náà kì í ṣe orí ìwé lásán: bí a bá mú asẹ́ dígírì 45 kúrò láàárín tí a gbé e sí ẹ̀yìn asẹ́ òòró, òkùnkùn náà ni yóò ṣì wà.

Àwo ìgbì yàtọ̀ sí asẹ́, nítorí kì í jẹ ìmọ́lẹ̀. Ohun tí wọ́n sábà fi ń ṣe é ni kírísítà bíi kúọ́tì, tí apá méjì ìmọ́lẹ̀ kì í fi eré kan náà sá nínú rẹ̀. Ọ̀kan yóò rẹ̀yìn sí èkejì, bí àwo náà bá sì ṣe nípọn tó ni ó ṣe ń rẹ̀yìn tó. Fún ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ìyeyè tí ìgbì rẹ̀ gùn ní nánómítà 589, kúọ́tì tó nípọn tó nǹkan bíi máíkírómítà 33 ti tó láti mú apá kan rẹ̀yìn ní ìdajì ìgbì. Èyí tinrin ju irun orí lọ, kò sì ṣeé dì mú. Nítorí náà àwọn tó ń ṣe é a máa lẹ àwo méjì tó nípọn pọ̀ ní ìdábùú, kí ìyàtọ̀ ìnípọn wọn lè jẹ́ ìwọ̀n kékeré yẹn.

Mátíríìsì àwo ìdajì ìgbì rọrùn: ó fi x sílẹ̀ bó ṣe wà, ó sì yí àmì y padà. Bí a bá yí àwo náà sí dígírì 45, a ó kọ́kọ́ yí ìwọ̀n wa bá ìlà àwo mu, a ó jẹ́ kó ṣiṣẹ́ rẹ̀, a ó sì yí ìwọ̀n padà. Ohun tó máa yọrí sí nìyí:

```
[ 0  1 ]
[ 1  0 ]
```

Fi èyí sáàárín asẹ́ méjì tó dábùú ara wọn dípò asẹ́ kẹta: (1, 0) di (0, 1), gbogbo rẹ̀ pátá ló sì gba asẹ́ òòró kọjá. Ìdámẹ́rin tẹ́lẹ̀ ti di odindi. Bí a bá tún fi àwo kan náà kún un, (0, 1) yóò padà di (1, 0). Kò sí ohun tó lè dá èyí tí asẹ́ ti jẹ padà bẹ́ẹ̀.

Àwo ìdámẹ́rin ìgbì ló gba ìṣọ́ra jù. Nínú rẹ̀ ni a ti nílò i, nọ́ńbà tó jẹ́ pé bí a bá fi ara rẹ̀ lọ́po ara rẹ̀, -1 ni yóò fún wa. Ìdámẹ́rin ìgbì tí apá kan fi rẹ̀yìn ni i ń tọ́ka sí. Ní dígírì 45, àwo yìí ń sọ (1, 0) di:

```
1/√2 (1, -i)
```

Apá méjèèjì tóbi dọ́gba, ṣùgbọ́n ọ̀kan dé góńgó nígbà tí èkejì wà ní òdo, nítorí náà mímì náà ń yí po bíi ìlùù agogo. Ìdajì rẹ̀ ló ń gba asẹ́ tó kẹ́yìn kọjá, bí a bá sì ń yí asẹ́ náà káàkiri, ìmọ́lẹ̀ kò ní pọ̀ sí i, kò ní dín kù. Ìmọ́lẹ̀ gílóòbù lásán, tí mímì rẹ̀ kò létò, náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, asẹ́ nìkan kò sì lè yà wọ́n. Ọ̀nà àbáyọ ni kí a fi àwo ìdámẹ́rin ìgbì mìíràn síwájú asẹ́ yẹn. Ìmọ́lẹ̀ tó ń yí po yóò padà máa mì lórí ìlà kan, asẹ́ yóò sì rí ibi tí yóò ti pa á rẹ́ pátápátá. Ti gílóòbù kò ní yí padà.

Bóyá -i tàbí +i ni a ó kọ, àdéhùn tí ìwé kọ̀ọ̀kan ṣe nípa àmì àkókò ìgbì ló ń pinnu rẹ̀. Ẹni tó bá mú mátíríìsì kan nínú ìwé yìí, tó sì mú òmíràn nínú ìwé tọ̀hún, lè pe ohun tó ń yí sọ́tùn-ún ní ohun tó ń yí sósì.

Àwo náà tún ní ààlà tirẹ̀: ìgbì kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe é fún. Bí a bá fi lésà aláwọ̀ ewé onínánómítà 532 gba inú àwo ìdajì ìgbì tí wọ́n ṣe fún lésà pupa onínánómítà 633, ìdá 91 nínú 100 péré ni yóò kọjá láàárín asẹ́ méjèèjì. Ìṣirò Jones fúnra rẹ̀ kò sì lè kọ ìmọ́lẹ̀ gílóòbù sílẹ̀, nítorí kò sí iye méjì kan pàtó tó dúró fún mímì tí kò létò. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìṣirò ìyẹn yóò lọ lo mátíríìsì Mueller, tí nọ́ńbà mẹ́rìndínlógún wà nínú rẹ̀.