Kòtò Tó Jìn Ju Bíìlì Lọ

Sáìtì mánijà púpọ̀ kì í ṣí bíìlì wò. Wọ́n gbà pé ìwé àwọn ará ọ́fíìsì ni, iṣẹ́ tiwọn ni kí ilé dìde. Bẹ́ẹ̀, bíìlì yìí ló to gbogbo iṣẹ́ ilé náà lẹ́sẹẹsẹ: irú iṣẹ́, bó ṣe pọ̀ tó, iye owó ẹyọ kan, àti àpapọ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú kòtò ìpìlẹ̀ kan. Ó gùn ní mítà 80, ó fẹ̀ ní mítà 0.675, bíìlì sì ní kó jìn ní mítà 0.9. Mítà kúbíìkì 48.6 nìyẹn. Ká ní ₦4,000 ni wọ́n dá lé ẹyọ kan, owó gbígbẹ́ rẹ̀ á jẹ́ ₦194,400. Ihò ni bíìlì ń wọ̀n, kì í ṣe yẹ̀pẹ̀ tí típà kó lọ. Yẹ̀pẹ̀ tí a hú máa ń wú, àmọ́ owó wíwú yẹn ti wà nínú ₦4,000 náà. Nítorí náà, ẹni tó ń ka iye ìgbà tí típà lọ tó bọ̀ kò tíì rí ẹ̀rí kó jọ. Kó ta téèpù sínú kòtò, kó ya fọ́tò rẹ̀, kí kọnkéré tó bò ó.

Wàyí o, ẹnjiníà dé, ó rí i pé ilẹ̀ rọ̀, ó ní, “Ẹ gbẹ́ ẹ dé mítà kan ààbọ̀.” Àyípadà iṣẹ́ tí àwọn ará sáìtì ń pè ní fàríéṣọ̀n nìyẹn. Kòtò ti di mítà kúbíìkì 81. Ọ̀pọ̀ á kàn fi ₦4,000 lu 32.4 tó lé, wọ́n á sì pàdánù owó. Bíìlì máa ń pín gbígbẹ́ sí ìpele: èyí tí kò ju mítà 1 lọ lọ́tọ̀, èyí tí kò ju mítà 2 lọ lọ́tọ̀. Kòtò wa ti kúrò ní ìpele àkọ́kọ́ pátápátá. Bí ìpele kejì bá jẹ́ ₦5,500, gbogbo 81 ló ń lọ síbẹ̀: ₦445,500. Bí kò bá sí iye kankan níbẹ̀, wọ́n á fi èyí tó wà gbé tuntun kalẹ̀. Ògiri abẹ́ ilẹ̀ náà ga sí i ní mítà 0.6, ìyẹn búlọ́ọ̀kù bíi 480.

Ẹnu lásán ni ẹnjiníà fi sọ̀rọ̀ ṣá o. Bó bá jẹ́ ìwé pupa Fídíìkì ti 1999 lẹ fọwọ́ sí, ọjọ́ iṣẹ́ méjì ni kọńtírákítọ̀ ní láti kọ àṣẹ náà sílẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Bí ọjọ́ iṣẹ́ méjì mìíràn bá kọjá tí kò fèsì ní kíkọ, lẹ́tà yín ti di àṣẹ rẹ̀ nìyẹn. Bí onílé fúnra rẹ̀ bá wá ní kí ẹ fi yàrá kan kún un, ẹ kí i dáadáa, kí ẹ sì ní kó bá ẹnjiníà sọ̀rọ̀. Àdéhùn yìí kò gbà yín láyè láti gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹlòmíràn, àfi ẹni tí ẹnjiníà bá yàn.