Káàdì Kọkànlá Ni!

Nílé wa ní Mansẹ́sítà, Dádì rò pé idán ni. Rárá o, ìṣirò ni!

Mo pín káàdì 21 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ìdì mẹ́ta, 7 nínú ìdì kan. Dádì fi ojú yan káàdì kan, wọ́n tọ́ka sí ìdì tó wà, mo sì kó ìdì náà sáàárín méjì tó kù. Káàdì wọn ti wà ní ipò 8 sí 14 nìyẹn.

Mo tún wọn pín. Méje yẹn bọ́ sí ipò 3, 4 tàbí 5 nínú ìdì wọn. Mo kó ìdì tí Dádì tọ́ka sí sáàárín: ó di 10, 11 tàbí 12.

Ní ìgbà kẹta, àwọn mẹ́ta yìí bọ́ sí ìdì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, gbogbo wọn ní ipò 4. Mo tún kó ti Dádì sáàárín: 7 pẹ̀lú 4 jẹ́ 11. Mo kà á dé 11, òun rèé!

Àárín ni o! Lọ́jọ́ kan mo ṣèèṣì kó o sókè, káàdì tí wọn ò yàn ni mo gbé jáde.