Kọ́ìlì Kan, Ojú Méjì: Bí Rédíò Ṣe Ń Ṣa Ohùn Kan Láàárín Ọ̀pọ̀

Tí ẹ bá tú ẹ̀yìn rédíò àtijọ́ tó ń gba ìgbì AM, ẹ ó rí ọ̀pá dúdú kan tí wọ́n fi wáyà tín-ín-rín wé yíká. Fẹ́ráìtì ni wọ́n ń pe ọ̀pá náà, wáyà ara rẹ̀ ló sì ń jẹ́ kọ́ìlì. Orí méjèèjì wáyà yìí lọ bá kàpásítọ̀ tí à ń yí nígbà tí a bá ń wá ilé iṣẹ́ rédíò. Gbogbo ilé iṣẹ́ tó ń sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́ ló ń kọlu kọ́ìlì yìí lẹ́ẹ̀kan náà, síbẹ̀ ohùn ẹyọ kan là ń gbọ́. Àpótí Rẹdifúṣọ̀n tó dé Èkó ní 1935 kò nílò irú rẹ̀, nítorí wáyà ni wọ́n fi ń gbé ètò rẹ̀ wọlé. Kò sí ohun tí yóò ṣà. Rédíò tó ń gba ìgbì láti ojú òfuurufú kò ríbi yẹ̀ ẹ́ sí.

Iná tí ìgbì rédíò ń dá sínú kọ́ìlì kì í lọ tààrà, ó ń fì síwá sẹ́yìn ni. Ilé iṣẹ́ tó wà lórí 1000 kìlóháàsì ń mú un fì ní ìgbà mílíọ̀nù kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kọ́ìlì kì í fẹ́ kí iná tó ń gba inú rẹ̀ kọjá yí padà, nítorí náà bí fífì náà bá ṣe ń yára tó ni ìtakò rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Ti kàpásítọ̀ jẹ́ òdìkejì: bí fífì bá ṣe ń yára tó ni ìtakò rẹ̀ ń dínkù tó. Ó wá di dandan kí ibì kan wà tí ìtakò àwọn méjèèjì dọ́gba. Níbẹ̀, ohun tí ọ̀kan bá fi takò ni èkejì ń gbà padà, torí pé nígbà tí ọ̀kan ń kó agbára jọ ni èkejì ń tú tirẹ̀ sílẹ̀. Agbára kan náà ń ti ọwọ́ kàpásítọ̀ bọ́ sọ́wọ́ kọ́ìlì, ó sì ń padà. Ìyẹn ni rẹ́sónáǹsì, ibi tó sì ti ń ṣẹlẹ̀ ni:

f = 1 / (2π√(LC))

L ni ìwọ̀n kọ́ìlì, C ni ti kàpásítọ̀. Ẹ jẹ́ ká mú kọ́ìlì 250 máíkrò-hẹ́nrì. Kí ó lè bá 1000 kìlóháàsì mu, kàpásítọ̀ gbọ́dọ̀ wà ní nǹkan bíi 101 píkò-fárádì. Tí a bá fẹ́ lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, sí 531 kìlóháàsì, a ó yí i dé bíi 359. Tí a bá ń lọ sókè sí 1602, a ó yọ abẹ́bẹ́ rẹ̀ síta títí tí yóò fi ku bíi 39. Ìdí nìyí tí irú kàpásítọ̀ tí agbára rẹ̀ tó 365 píkò-fárádì fi wọ́pọ̀ nínú rédíò ayé ọjọ́un.

Ní 1000 kìlóháàsì, ìtakò kọ́ìlì wa jẹ́ 1571 òòmù, ti kàpásítọ̀ náà sì jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì ti pa ara wọn rẹ́. Ohun tó ṣẹ́ kù tó ń dènà iná ni R, ìyẹn ìdènà tó ń sọ agbára di ooru: ti wáyà, ti fẹ́ráìtì, ti ojú ibi tí a jó lẹ́ẹ̀dì sí. Ká ní R náà jẹ́ 15.7 òòmù.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti yà sí ojú méjì, àwọn tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ yìí nílé ìwé kì í sì sábà rí i pé ohun kan náà ni. Ìwé á ya àwòrán kan tí R, L àti C tò tẹ̀lé ara wọn, á tún ya òmíràn tí wọ́n tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, bí ẹni pé ẹ̀rọ méjì ni. Nínú rédíò, kọ́ìlì kan ṣoṣo yìí ló ń jẹ́ méjèèjì. Ibi tí èèyàn bá dúró wò ó ló ń sọ èwo ló jẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ dúró níbi tí ìgbì wà. Ìgbì náà ń dá fóltéèjì sínú wáyà kọ́ìlì fúnra rẹ̀, kì í ṣe sí orí rẹ̀ láti ìta. Nítorí náà fóltéèjì ọ̀hún, kọ́ìlì, ìdènà R àti kàpásítọ̀ wà lójú ọ̀nà kan ṣoṣo, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn. Ilé iṣẹ́ tó wà lórí 1000 kìlóháàsì kò bá ohunkóhun ju 15.7 òòmù pàdé, iná rẹ̀ sì ṣàn geere. Àwọn yòókù ń bá ìtakò tí kò dọ́gba pàdé, iná wọn sì rọ̀. Bí fóltéèjì tí ìgbì dá bá jẹ́ mílífóltì kan, iná tó ń ṣàn yóò gbé 100 mílífóltì dìde lórí kàpásítọ̀, nítorí 1571 tí a pín sí 15.7 jẹ́ 100. Kò sí ẹni tó fi agbára kún un. Ó dà bí ẹni tó ń ti ọmọ lórí jangirọ́fà: títì kékeré tó bá bọ́ sásìkò ń kó jọ, títí ohun tí ìdènà ń jẹ nínú rẹ̀ yóò fi bá ohun tó ń wọlé dọ́gba.

100 yẹn ni à ń pè ní Q. Níbi tí wọ́n bá tò tẹ̀lé ara wọn, Q = X / R, X sì ni ìtakò kọ́ìlì níbi rẹ́sónáǹsì. Òun náà ló ń sọ bí ẹnu ọ̀nà náà ṣe fẹ̀ tó:

ìbú àyè = f / Q

Pẹ̀lú Q 100 ní 1000 kìlóháàsì, ìbú àyè jẹ́ 10 kìlóháàsì, láti 995 sí 1005. Ẹ má rò pé ògiri ló wà létí méjèèjì. Ibi tí fóltéèjì ti já wálẹ̀ sí bíi 71 nínú 100 ni à ń kà sí etí, agbára rẹ̀ sì ti di ìdajì níbẹ̀. Ilẹ̀ náà ń dà gẹ̀rẹ̀ lọ ni. Ní ilẹ̀ Áfíríkà àti Yúróòpù, kìlóháàsì 9 ló wà láàárín ilé iṣẹ́ AM kan àti ìkejì rẹ̀. Tí a bá ṣírò rẹ̀, aládùúgbò tó wà lórí 1009 ṣì ń rí 49 nínú 100 gbà wọlé. Kọ́ìlì kan ṣoṣo, bó ti wù kó dára tó, kò lè dá a dúró.

Ẹnì kan lè ní kí a kúkú gbé Q dé 300. Ìbú àyè á wá di kìlóháàsì 3.3 péré, bẹ́ẹ̀ ohùn ènìyàn àti orin ń fẹ̀ tó kìlóháàsì 4.5 lọ́tùn-ún àti lósì òǹkà ilé iṣẹ́ náà. Ọ̀rọ̀ á máa jáde bí ẹni fi ọwọ́ bo ẹnu: ìró s, ṣ àti f á pòórá, a ó sì máa gbọ́ ìró ìsàlẹ̀ nìkan.

Ẹ wá bọ́ sí ọ̀dọ̀ tiransísítọ̀. Òun kò sí nínú wáyà kọ́ìlì. Orí méjèèjì wáyà náà ló ń wò láti ìta, ohun tó sì rí ni kọ́ìlì àti kàpásítọ̀ tó tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Níbí, gbogbo nǹkan yí padà. Iná ń yí káàkiri láàárín àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹni tó wà níta kò rí ju ìwọ̀nba tí ìdènà ń jẹ. Lójú rẹ̀, ẹ̀rọ náà jẹ́ ìdènà ńlá: Q lọ́nà X, ìyẹn 157,000 òòmù. Ìṣírò Q náà sì yí orí padà: Q = R / X, R sì ti di ìdènà ńlá yìí. Nínú ìtò tẹ̀léra, ìdènà kékeré ló ń mú Q pọ̀; nínú ìtò ẹ̀gbẹ́, ìdènà ńlá ni.

Ìyẹn ló jẹ́ kí tiransísítọ̀ léwu fún kọ́ìlì. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lè má ju 1,570 òòmù lọ. Tí a bá so ó tààrà mọ́ orí kọ́ìlì, 157,000 náà kò já mọ́ nǹkan mọ́, Q á já láti 100 sí bíi 1, ìbú àyè á sì fẹ̀ tó gbogbo ojú dáyàlì. Ohun tí àwọn tó ṣe rédíò ń ṣe ni pé wọ́n á wé kọ́ìlì kékeré kejì sára ọ̀pá náà, tí yípo rẹ̀ jẹ́ ìdá mẹ́wàá ti àkọ́kọ́, ibẹ̀ ni tiransísítọ̀ yóò ti mu. Nítorí pé ìdènà ń di ìlọ́po yípo ní ìlọ́po ara rẹ̀, 1,570 á wá fara hàn bíi 157,000. Q á dúró sí 50. A pàdánù ìdajì, ṣùgbọ́n rédíò ń gbọ́ràn.

Q kan náà kì í sì fúnni ní ìbú kan náà lójú dáyàlì. Pẹ̀lú Q 100, ìbú rẹ̀ jẹ́ kìlóháàsì 5 ní ìsàlẹ̀, 16 ní òkè. Ìdí nìyí tí rédíò fi ń yí ilé iṣẹ́ yòówù tí a bá mú padà sí òǹkà kan ṣoṣo, 455 kìlóháàsì, kó tó wá sẹ́ ẹ dáadáa. Àwọn páálí irin kéékèèké onígun mẹ́rin tó ní àwọ̀ ìyeyè, funfun àti dúdú lórí ló ń ṣiṣẹ́ yẹn, kọ́ìlì àti kàpásítọ̀ tó tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí Q wọn bá jẹ́ 70, mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn á jẹ́ kí aládùúgbò tó wà ní kìlóháàsì 9 ku bíi 4 nínú 100.

Ní ti àìsàn, bí ilé iṣẹ́ méjì bá ń sọ̀rọ̀ lu ara wọn, àwọn páálí yẹn ni kí a kọ́kọ́ fura sí, pàápàá tí ẹnì kan bá ti fi sukudiráfà onírin yí orí wọn. Fẹ́ráìtì inú rẹ̀ tètè ń sán, irin náà sì ń yí L padà níwọ̀n ìgbà tó bá wà nínú rẹ̀. Ó pé lọ́wọ́, ó bàjẹ́ bí a bá yọ ọ́. Ọ̀pá oníke ló yẹ.

Bí rédíò bá rọ̀ lápapọ̀, kọ́ìlì ọ̀pá dúdú ni ká yẹ̀ wò. Ẹ wá ilé iṣẹ́ kan ní ìsàlẹ̀ dáyàlì, kí ẹ rọra sún kọ́ìlì lórí ọ̀pá. Tí ohùn bá ga lójijì níbì kan tó sì rọ̀ bí ẹ bá kọjá ibẹ̀, Q wà láàyè, kọ́ìlì ló ti yẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀. Ẹ fi ìda lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Tí ẹ bá sún un síwá sẹ́yìn tí ohùn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, Q ló ti kú. Ọ̀rinrin láàárín abẹ́bẹ́ kàpásítọ̀ tó jò 157,000 òòmù péré á gé Q kọ́ìlì sí ìdajì, nítorí ẹ̀gbẹ́ ló wà. Lẹ́ẹ̀dì tí kò mú dáadáa tó fi 15.7 òòmù kún un á ṣe ohun kan náà, nítorí ojú ọ̀nà ló wà. Ẹ sá rédíò sí afẹ́fẹ́ gbígbẹ. Bí ó bá sàn, ọ̀rinrin ni. Bí kò bá sàn, ẹ wo orí wáyà. Ọ̀pọ̀ fọ́nrán ló pa pọ̀ di wáyà yẹn, tí díẹ̀ nínú wọn bá já níbi lẹ́ẹ̀dì, Q ń lọ sílẹ̀ láì jẹ́ pé rédíò dákẹ́. Mítà kò lè fi hàn yín, torí òòmù díẹ̀ ló máa kà, fọ́nrán já tàbí kò já. Púpọ̀ nínú 15.7 yẹn kì í yọjú àyàfi tí iná bá ń fì ní mílíọ̀nù ìgbà. Ẹ gé orí wáyà náà, kí ẹ ha fọ́nrán kọ̀ọ̀kan títí yóò fi dán, kí ẹ tó jó lẹ́ẹ̀dì bo gbogbo wọn.