Ọ̀sẹ̀ Mẹ́jọ Nọ́ọ̀sì Kan Pẹ̀lú IELTS

Ká mú nọ́ọ̀sì kan n'Íkẹjà, tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán lọ́sẹ̀ yìí, tó máa bọ́ sí iṣẹ́ òru lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. NMC, àjọ tó ń fún nọ́ọ̀sì níwèé àṣẹ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń béèrè 7 nínú gbígbọ́, kíkà àti sísọ, ó sì ń béèrè 6.5 nínú kíkọ. Ìṣẹ́jú 45 ló lè rí lóòjọ́ fún ọjọ́ márùn-ún, àti wákàtí mẹ́rin lọ́jọ́ ìsinmi.

Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, kó má tíì kàwé rárá. Kó jókòó ti aago, kó ṣe ìdánwò àtijọ́ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ó gba ìbéèrè 32 nínú 40 ní kíkà, ó gba 27 ní gbígbọ́, olùkọ́ sì fún un ní 6 ní kíkọ. Kíkà ti tó. Àkókò rẹ̀ kò gbọdọ̀ lọ síbẹ̀ mọ́, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ ló rọ̀ ọ́ lọ́rùn jù.

Ní gbígbọ́, nǹkan bí 30 ló ń mú 7 wá. Nígbà tó tú ìdáhùn rẹ̀ wò, mẹ́rin nínú èyí tó pàdánù ló gbọ́ dáadáa, àmọ́ kò kọ «s» sí ìparí wọn. Èdè wa ló fà á: «àwọn» ń ṣíwájú ọ̀rọ̀, a ti mọ̀ pé ó ju ẹyọ kan lọ kí ọ̀rọ̀ tó dé, nítorí náà etí wa kì í dúró de ìparí. Láti ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹrin, kó máa fi ogún ìṣẹ́jú kọ ohùn ìṣẹ́jú méjì sílẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kó wá fi wé ìwé rẹ̀. Kì í ṣe nínú dánfó o. Ọwọ́ tó di ọ̀pá mú kò lè kọ̀wé.

Kíkọ ló le jù. Àròkọ ọ̀rọ̀ 250 ló ní ìlọ́po méjì máàkì iṣẹ́ àkọ́kọ́, òun ló yẹ kó gba 40 nínú ìṣẹ́jú 60. Kó kọ méjì lọ́sẹ̀, kí olùkọ́ fàlà sí àṣìṣe, kó sì tún ọ̀kọ̀ọ̀kan kọ. Lọ́sẹ̀ iṣẹ́ òru, àtúnkọ nìkan ni, torí ọpọlọ tó ti rẹ̀ kì í ronú tuntun. Kó ní ìwé kékeré kan tó ń ka àṣìṣe sí. Tó bá di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, á rí i pé ẹyọ kan ló pọ̀ jù, bóyá ọ̀rọ̀-ìṣe tí kò yí padà fún àná, bí «lọ» wa kì í ti í yí padà. Àṣìṣe yẹn nìkan ni kó máa wá ní ìṣẹ́jú márùn-ún ìgbẹ̀yìn. Kó má há àròkọ sórí. Àwọn tó ń máàkì máa ń dá a mọ̀, wọ́n sì máa ń gé máàkì rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà jẹ́ ti sísọ: kó gba ohùn ara rẹ̀ sórí fóònù, ìṣẹ́jú méjì nígbà kọ̀ọ̀kan, kó máa gbọ́ ibi tó ti pe obìnrin bí ọkùnrin, torí «ó» kan náà là ń lò fún àwọn méjèèjì. Lọ́sẹ̀ keje, kó tún ṣe ìdánwò odindi, ní aago tí tòótọ́ máa bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹjọ kò ní iṣẹ́ púpọ̀, àfi ohun kan tó ti yẹ kó ṣe láti ọ̀sẹ̀ kìíní: kó bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pààrọ̀ rósítà, kó má bàa ti iṣẹ́ òru bọ́ sínú gbọ̀ngàn ìdánwò.