Kí ló ń gbé owó ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àdúgbò lọ?

Nígbà tí ìjà owó bá bẹ́ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àdúgbò, kì í sábà jẹ́ pé akápò jalè. Ohun tó wọ́pọ̀ ni pé wọ́n kówó jọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, inú gbogbo èèyàn dùn, àmọ́ nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, ẹni tó ni pápá ti ń béèrè owó rẹ̀, àpò ẹgbẹ́ sì ti gbẹ. Wọ́n á ní kí akápò wá ṣàlàyé, òun alára ò sì mọ ibi tówó gbà lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹgbẹ́ kan n'Íbàdàn ṣe àpẹẹrẹ. Iye owó lè yàtọ̀ ládùúgbò tiyín, ìṣirò yẹn ni kẹ́ ẹ wò. Ọmọ ẹgbẹ́ jẹ́ 24, kálukú san ₦5,000 láti forúkọ sílẹ̀ fún ọdún kan, ó di ₦120,000. Pápá ilé ìwé kan ni wọ́n ń háyà, ₦15,000 ní Sátidé kọ̀ọ̀kan. Tí wọ́n bá ń yọ owó pápá nínú owó ìforúkọsílẹ̀, Sátidé mẹ́jọ péré ló máa gbé e. Kò tíì kan bọ́ọ̀lù, kò tíì kan owó tí wọ́n máa fi wọ ìdíje.

Owó tó ń wọlé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún kò lè gbé ìnáwó tó ń wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kí owó ìforúkọsílẹ̀ wà fún bọ́ọ̀lù, oògùn ìtọ́jú ẹsẹ̀ àti ìdíje. Pápá ní láti ní owó tirẹ̀.

Àwọn kan máa ń gba ₦1,000 lọ́wọ́ ẹni tó bá wá gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà. Tí èèyàn 16 bá wá, ó pé, ₦1,000 tún ṣẹ́ kù. Ṣùgbọ́n ẹ dúró ná kí òjò rọ̀: èèyàn 10 ló máa yọjú, ₦5,000 ti dín nìyẹn, ẹni tó ni pápá ò sì fẹ́ gbọ́ ìtàn òjò. Owó oṣooṣù ló dára jù. ₦3,000 lórí èèyàn 24 jẹ́ ₦72,000, Sátidé mẹ́rin sì jẹ́ ₦60,000. Ìyẹn ni pé tí èèyàn mẹ́rin bá jẹ gbèsè lóṣù kan, pápá ṣì máa rí san.

Ibi tí ọ̀pọ̀ akápò ti ń ṣìṣe ni pé oṣù mìíràn ní Sátidé márùn-ún. Sátidé 52 ló wà nínú ọdún, kì í ṣe 48. Mẹ́rin tó lé yẹn, ₦60,000 ni. Nínú ₦12,000 tó ń ṣẹ́ kù lóṣù tí gbogbo èèyàn bá san ni kí wọ́n ti máa tọ́jú rẹ̀. Kí wọ́n sì bá ẹni tó ni pápá sọ ọ́ ṣáájú, kó wà lákọsílẹ̀, bóyá ọjọ́ tí òjò bá lé wọn lọ máa wà nínú owó.

Ọ̀rọ̀ jẹ́sì tún yàtọ̀. Ta ló ni ín? Tó bá jẹ́ ti ẹgbẹ́, inú báàgì ẹgbẹ́ ló máa ń padà sí lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀, nọ́ńbà nìkan ni kí wọ́n tẹ̀ sí i, torí pé jẹ́sì tó bá ti ní orúkọ ẹnì kan lẹ́yìn, ta ló tún fẹ́ wọ̀ ọ́ tí onítọ̀hún bá kó kúrò ládùúgbò? Tó bá jẹ́ ti ẹni tó ń wọ̀ ọ́, kó sanwó tán kí wọ́n tó fi iye rẹ̀ ránṣẹ́ sí télọ̀. “Ẹ ṣe é ná, mo máa san án” ló ń sọ akápò di onígbèsè.

Ní ti ìkówójọ, ẹ ṣọ́ra fún iye tí alága ìjókòó kéde lórí gbohùngbohùn. Wọ́n lè kéde ₦350,000, kó jẹ́ ₦140,000 ló wọlé lọ́jọ́ náà, ìyókù jẹ́ ìlérí. Tí kánópì, àga, oúnjẹ àti ẹ̀rọ orin bá gba ₦95,000, ₦45,000 ni ẹgbẹ́ rí. Ojú ìwé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kí owó àti ìlérí wà. Tí wọ́n bá tìtorí ìlérí lọ ra kíìtì láwìn, wàhálà dé.

Báńkì máa ń béèrè ìwé ìforúkọsílẹ̀ àjọ CAC kó tó ṣí àkáǹtì lórúkọ ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ tí kò bá ní in sábà máa ń lo àkáǹtì akápò. Kó jẹ́ èyí tí kò fi ṣe nǹkan mìíràn, kó sì máa fi àkọsílẹ̀ báńkì sórí Wọ́sáàpù ẹgbẹ́ lópin oṣù. Tí owó iléèwé ọmọ rẹ̀ àti owó pápá bá ti ń gba ojú kan náà wọlé, kò sí bó ṣe máa ṣàlàyé tí wọ́n á gbà á gbọ́.